Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn àsíá: bí ọmọ ilé-ìwé ṣe lè sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ pé sísọ ẹ̀dùn ọkàn jáde kì í ṣe ọ̀lẹ

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ ọdún 16 ni mí, kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo wà ní Kétu níbí, ní Bẹ̀nẹ̀. Olùkọ́ wa ní èmi ni kí n sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá fa àsíá sókè, pé kéèyàn sọ ohun tó ń dùn ún lọ́kàn kì í ṣe ọ̀lẹ, agbára ni. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fún mi. Àwọn ọmọkùnrin kíláàsì wa ti ń pè mí ní ẹlẹ́kún kí n tó kọ ohunkóhun. Báwo ni mo ṣe máa tò ó tí wọ́n á fi gbọ́?*

Àbúrò mi, kí o tó mú bíìkì, kọ́kọ́ dín orí ọ̀rọ̀ yẹn kù, torí ó gbòòrò jù. Bí o bá ní “ẹ jẹ́ ká máa sọ ohun tó ń dùn wá,” ohun tí àwọn ọmọkùnrin yẹn ń rí lọ́kàn ni ẹnì kan tó dúró láàárín ọgbà ilé-ìwé, tó ń sunkún lójú gbogbo ayé. Ohun tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín nìyẹn, kò sì sí ìdí tí o fi máa gbèjà rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn tó ń gba ọmọdé nímọ̀ràn pé kó lọ tú inú rẹ̀ sílẹ̀ níwájú gbogbo ilé-ìwé. Ohun tí ìwọ ń gbèjà kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: pé kí ọmọ kan mú ọ̀rọ̀ kan tó ń dùn ún, kó lọ bá ẹnì kan ṣoṣo tó lè ṣe nǹkan sí i, kó sọ ọ́ ní kúkúrú, kó sì sọ ohun tó fẹ́ kí onítọ̀hún bá òun ṣe. Èyí ṣeé gbèjà. Ó tún ṣeé ṣe kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé yẹn tó ṣú, òun sì ni ọ̀rọ̀ ìta gbangba nílò jù: ohun tí ẹni tó gbọ́ ọ lè gbé sọ́wọ́ kó máa lọ.

Lẹ́yìn èyí, má bá wọn jà lórí ohun tí agbára jẹ́. Fún ọmọkùnrin ọdún 15 tàbí 16, alágbára ni ẹni tó lè ṣe ohun tó le. Gbà bẹ́ẹ̀. Kàn béèrè lọ́wọ́ wọn èwo ló le jù: kéèyàn dákẹ́ ni, àbí kéèyàn lọ dúró níwájú olùkọ́ mátì kó sì ní “orí mi ò pé síbí lónìí, ẹ jọ̀ọ́.” Gbogbo ọmọ tó wà nínú ọgbà yẹn ló mọ ìdáhùn, torí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti rò ó rí tí ẹsẹ̀ wọn ò gbé e. Ìwọ ò ní láti sọ ìdáhùn náà fún wọn. Béèrè, kí o dákẹ́, kí wọ́n fi ọkàn ara wọn dáhùn. Bí wọ́n bá ti gbà nínú ara wọn pé sísọ ló le jù, ẹnu ara wọn ni wọ́n fi pè é ní agbára.

Àwọn kan á fi òwe dá ọ lóhùn, bí wọn ò bá tilẹ̀ pa á sókè. Àwọn àgbà ní ká fẹ̀jẹ̀ sínú, ká tutọ́ funfun jáde. Má sọ pé òwe yẹn kò dára. Bí o bá kọ ọ̀rọ̀ àgbà ní gbangba ní Kétu, àwọn olùkọ́ tó dúró lẹ́yìn rẹ gan-an ò ní bá ọ lọ mọ́. Fún òwe náà ní àyè tirẹ̀: ó wà fún ọjà, ó wà fún iwájú ẹni tó ń wá ọ̀nà láti fi ẹni ṣẹ̀sín, ó sì wà fún wákàtí tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, gbé òwe kejì tì í, èyí tí gbogbo ilé mọ̀: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òwe méjèèjì kò takora. Ti àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí a kì í ti í sọ̀rọ̀, ti èkejì ń sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí a kò bá sọ ọ́ níbì kankan. Òwe méjì yìí tó. Bí o bá pa ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ náà á dà bí èyí tí àgbàlagbà kọ fún ọ.

Wàá nílò ẹ̀rí láti ilé. Ní Kétu, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹni ni Ẹ̀fẹ̀, tó ń jáde lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tó ń dúró láàárín ọjà, tó ń fi orin sọ ohun tó ń dun ìlú sójú ẹni tó ṣe é. Ọkùnrin ló ń gbé e, àwọn ìyá wa ló sì ń gbé e fún. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yìí ni UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, tí wọ́n sì kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní 2008, fún Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò pa pọ̀. Ó dùn ún fi sínú ọ̀rọ̀, àmọ́ ìmọ̀ràn mi ni pé kí o fi sílẹ̀. Ọ̀ràn ìlú ni Ẹ̀fẹ̀ ń sọ, kì í ṣe ọgbẹ́ ọkàn ara rẹ̀, abẹ́ ìbòjú ló sì ti ń sọ ọ́. Ọmọ kan tó gbọ́n nínú kíláàsì yín á rí i lójú ẹsẹ̀ pé o ń fi ohun tí kò dọ́gba wé ara wọn, á sì sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn ọdẹ ló bá ọ̀rọ̀ rẹ mu. Láàárín àwọn ọdẹ Yorùbá, bí ọdẹ kan bá kú, ẹgbẹ́ rẹ̀ á ṣe ìpà fún un, wọn á sì máa sun ìrèmọ̀jé. Nínú ìrèmọ̀jé, ọkùnrin tó ń dá wọ igbó lóru á pe òkú ní orúkọ, á sọ bí wọ́n ṣe jọ rìn, á sọ òfo tí ikú rẹ̀ dá sílẹ̀. Ẹ̀dùn ọkàn ara rẹ̀ ló ń sọ, ó ń sọ ọ́ fún àwọn tó mọ ohun tó sọnù, ó sì ní àkókò àti ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn nǹkan mẹ́ta yìí náà ni ìwọ ń béèrè fún ọmọ ilé-ìwé. Kò sì sí ọmọkùnrin tó máa dìde kó ní ọ̀lẹ ni ọdẹ.

Ẹ̀rí ìwádìí náà wúlò, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni kí o mú lọ, kó sì jẹ́ èyí tó kan ìwé tí wọ́n ń kà. Lọ́dún 2000, Jane Richards àti James Gross tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi àwòrán àwọn ọkùnrin tó fara pa han àwọn ènìyàn, bí àwòrán kọ̀ọ̀kan sì ṣe ń kọjá ni ohùn kan ń sọ orúkọ onítọ̀hún, iṣẹ́ rẹ̀, àti bí ó ṣe fara pa. Wọ́n ní kí àwọn kan kàn máa wò ó. Wọ́n ní kí àwọn kan má jẹ́ kí ohun tó ń ṣe wọ́n hàn lójú wọn rárá, débi pé ẹni tó bá ń wò wọ́n kò ní mọ̀. Nígbà tí wọ́n wá bi wọ́n léèrè ohun tí ohùn yẹn sọ, àwọn tó ń fi ojú pa á mọ́ gbàgbé ju àwọn tó kàn ń wò lọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro lóye: ẹni tó ń ṣọ́ ojú ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú ti fi apá kan nínú ọkàn rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yẹn, èyí tó kù ló ń fi gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ìwádìí náà ní ààlà, kí o má sì kọjá rẹ̀. Ohun tí wọ́n wò ni ìrántí ohun tí ènìyàn ń gbọ́ lásìkò tó ń pa ojú mọ́, nínú yàrá ìwádìí, fún ìgbà díẹ̀. Wọn ò sọ pé ẹni tó ń dákẹ́ máa kùnà nínú ìdánwò BEPC. Bí o bá sọ bẹ́ẹ̀, irọ́ ni o pa, ọmọ tó dákẹ́ tó sì gba ipò kìíní lọ́dún tó kọjá á sì mọ̀. Ohun tí o lè sọ láìṣàbùmọ́ ni pé ẹni tó bá ń ṣọ́ ojú ara rẹ̀ nínú kíláàsì kò ráyè gbọ́ olùkọ́ dáadáa. Ìyẹn tó fún ọmọ tó ní ìdánwò níwájú. Gross àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Levenson ti kọ́kọ́ rí ohun mìíràn ní 1997 tó yẹ kí o mọ̀, bí o kò bá tilẹ̀ ní sọ ọ́: àwọn tó pa ìbànújẹ́ mọ́ lójú nígbà tí wọ́n ń wo fíìmù kò bọ́ lọ́wọ́ ìbànújẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn sì tún ń ṣiṣẹ́ kára jù. Fi sí àpò, bóyá ẹnì kan á bi ọ́ léèrè lẹ́yìn náà.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ kí o lóye kí n tó fi àpẹẹrẹ hàn ọ́, torí òun ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ irú èyí ń fò. Kì í ṣe gbogbo sísọ ló ń ṣeni lóore. Ní 2002, Amanda Rose ṣèwádìí lórí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń bá ọ̀rẹ́ wọn sọ ìṣòro kan náà lásọtúnsọ, tí wọ́n ń tú u, tí wọ́n ń tún un tú, láìsí ìgbésẹ̀ kankan. Ó rí i pé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sún mọ́ ọ̀rẹ́ wọn gan-an, ṣùgbọ́n ìrẹ̀wẹ̀sì àti àníyàn pọ̀ lọ́kàn wọn. Nítorí náà, bí o bá kàn ní “ẹ máa sọ ọ́, ẹ máa sọ ọ́,” o lè rán ọmọ lọ sínú ohun tó máa rì í. Ohun tó ń dá sísọ tó wúlò mọ̀ yàtọ̀ ni pé ó ní ẹ̀bẹ̀ nínú, ẹ̀bẹ̀ yẹn sì kéré tó láti ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ìdí nìyí tí gbólóhùn tí o máa kọ́ wọn fi ní apá mẹ́ta: ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó ń ṣe sí mi, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe. Bí ọmọ kò bá rí apá kẹta sọ, kó ní “mi ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́, ẹ bá mi rò ó.” Ẹ̀bẹ̀ ni ìyẹn náà.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí, bí mo ṣe máa tò ó fún ọmọ ọdún 16. Yí èdè rẹ̀ padà sí bí ẹnu rẹ ṣe ń sọ ọ́, má fi ohùn tèmi sọ ọ́.

“Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi.

“Ìbéèrè kan ni mo mú wá. Ká ní àbúrò rẹ wà ní ọsibítù láti ọjọ́ Ẹtì. Ìyá rẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ìwọ lò ń se oúnjẹ fún àwọn yòókù, o kò sì sùn dáadáa láti ọjọ́ mẹ́ta. Mátì ni a máa kọ́kọ́ ṣe láàárọ̀ yìí, olùkọ́ sì máa ń pe ènìyàn sí pátákó. O lè tẹ orí mọ́lẹ̀ kí o máa gbàdúrà pé kí wọ́n má pè ọ́. O sì lè pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà kí o ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi wà ní ọsibítù, mi ò tíì sùn, ẹ má pè mí sí pátákó lónìí, mo máa ṣe iṣẹ́ náà lọ́la.’ Èwo ló le jù nínú méjèèjì?

“Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Èyí tó le yẹn ni mo wá sọ̀rọ̀ lé lórí.

“Àwọn kan á ní ọkùnrin kì í sọ irú ẹ̀. Àwọn àgbà ní ká fẹ̀jẹ̀ sínú, ká tutọ́ funfun jáde. Òótọ́ ni. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni wá sunkún síbi tí mo dúró sí yìí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà yẹn náà ló ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ wo àwọn ọdẹ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lọ, àwọn tó kù á péjọ, wọ́n á sun ìrèmọ̀jé, wọ́n á sọ ohun tó dùn wọ́n lójú ara wọn. Ta ló máa wo ọdẹ lójú kó pè é ní ọ̀lẹ?

“Ìdákẹ́ ń gba nǹkan lọ́wọ́ wa. Lọ́dún 2000, àwọn onímọ̀ kan ní kí àwọn ènìyàn máa wo àwòrán tó ń bani nínú jẹ́, kí wọ́n sì máa gbọ́ àlàyé rẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn kan má jẹ́ kó hàn lójú wọn. Àwọn wọ̀nyẹn ló gbàgbé jù nínú ohun tí wọ́n gbọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ ojú ara rẹ̀ kò ráyè gbọ́ olùkọ́ dáadáa.

“Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín fún lọ́sẹ̀ yìí. Mú ọ̀rọ̀ kan, mú ẹnì kan tí o fọkàn tán, kí o sọ nǹkan mẹ́ta fún un: ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó ń ṣe sí ọ, ohun tí o fẹ́ kó bá ọ ṣe.

“Bí ẹnì kan bá sì wá bá ìwọ, má fi ṣẹ̀sín, má gbé e lọ sórí Wọ́sáàpù. Gbọ́ ọ tán, kí o bi í pé, ‘Kí lo fẹ́ kí n ṣe?’

“Àwọn olùkọ́ méjì ti gbà láti gbọ́ wa. Wọ́n máa wà lábẹ́ igi máńgòrò ní àkókò ìsinmi, lónìí àti lọ́la. Ẹ ṣé.”

Kí àwọn olùkọ́ méjì yẹn jẹ́ ènìyàn gidi, kí o sì pe orúkọ wọn. Ọ̀rọ̀ náà lè dára tó bó ṣe wù kó rí, bí kò bá sí ẹni tó ń dúró de ọmọ tó gbọ́ ọ, o ti ṣí ilẹ̀kùn sí yàrá tí kò sí ènìyàn níbẹ̀. Lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé yín kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí o béèrè obìnrin kan àti ọkùnrin kan, torí pé ọmọbìnrin kan lè ní ọ̀rọ̀ tí kò ní sọ fún ọkùnrin láéláé. Mú ibì kan tí gbogbo ènìyàn ti lè rí wọn ṣùgbọ́n tí a kò lè gbọ́ ohùn wọn. Yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kò dára fún èyí, iwájú ọ́fíìsì ọ̀gá náà kò sì dára: ẹni tó bá dúró síbẹ̀, gbogbo kíláàsì á rò pé ó ṣẹ̀ ni. Bí igi máńgòrò kò bá sí ní ọgbà yín, wá ibòmíràn tó bá bẹ́ẹ̀ mu.

O máa rí i pé àìsàn àbúrò ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, kì í ṣe ikú. Láàárín ọmọ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó dájú pé ẹnì kan wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ènìyàn. Bí o bá fi ìsìnkú bẹ̀rẹ̀, ọmọ yẹn kò ní gbọ́ ìyókù, àwọn tó yí i ká á sì máa wò ó. Bákan náà, má fi ìṣòro ara rẹ ṣe àpẹẹrẹ, pàápàá jù lọ èyí tó ṣì ń dùn ọ́. Àwọn olùkọ́ lè ní ó máa wọ ènìyàn lọ́kàn. Ó lè wọ̀ wọ́n lọ́kàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìṣẹ́gun ìwọ ló máa gbé e rìn nínú ọgbà, a kì í sì í gba ọ̀rọ̀ padà lẹ́nu ogúnlọ́gọ̀ ènìyàn. Má ní kí àwọn tó ní ìbànújẹ́ na ọwọ́ sókè. Ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ jù kò ní na ọwọ́, ìtìjú rẹ̀ á sì pọ̀ sí i torí pé kò lè nà á. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ kí o sọ̀rọ̀ lórí àwọn tó gba ẹ̀mí ara wọn, kí o kọ̀. Gbangba kọ́ ni ibi rẹ̀, àárín ọmọdé sì nìyẹn. Àgbàlagbà tó kọ́ iṣẹ́ náà ló ń bá àwọn díẹ̀ sọ ọ́ níbi tó láàbò.

Ìṣẹ́jú 5 ni wọ́n fún ọ, lo 4. Àwọn ènìyàn ti dúró láti ìgbà tí wọ́n ti ń fa àsíá tí wọ́n sì ń kọ orin orílẹ̀-èdè, oòrùn ti ń mú, àwọn kékeré tó wà níwájú ló sì máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹsẹ̀ padà. Iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú àpẹẹrẹ òkè yìí súnmọ́ 390, bí o bá sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú ìdánudúró, á wọ ìṣẹ́jú 3 sí 4. Fi aago fóònù wò ó nílé, ní ìdúró, sókè, kì í ṣe ní jíjókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń yára níta ju bí wọ́n ṣe ń kà á nílé lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìṣẹ́jú méjì lo fi parí nílé, níta kò ní pé ìṣẹ́jú kan àbọ̀, kò sì ní sí ẹni tó mú ohunkóhun dání. Nítorí pé àwọn ọmọ tí kì í ṣe Yorùbá náà wà láàárín yín, tún gbólóhùn nǹkan mẹ́ta yẹn sọ ní Faransé lẹ́yìn tí o bá ti sọ ọ́ ní Yorùbá. Gbólóhùn yẹn nìkan, kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wà jù ni ìdákẹ́ lẹ́yìn “èwo ló le jù.” Ka 1, 2, 3, 4 nínú, láìyára. Á gùn lójú rẹ bí wákàtí kan. Ibẹ̀ ni àwọn tó fẹ́ rẹ́rìn-ín máa rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí wọ́n rín in. Má bá wọn wí, má rẹ́rìn-ín padà, má wo wọ́n. Wo àwọn ọmọ kékeré ìlà iwájú, tí wọn kò ì tíì kọ́ láti máa fi ẹni ṣẹ̀sín, kí o sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ ní ohùn tí o ti ń lò bọ̀. Ẹ̀rín tí kò rí ẹni tó dá a lóhùn kì í pẹ́ kó tó kú. Bí o bá gbóhùn sókè lé wọn lórí, o ti jẹ́ kí àríyànjiyàn tiyín di ọ̀rọ̀ àárọ̀ náà.

Ẹ̀rù á bà ọ́, ìwé á sì gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ, torí náà fi ọ̀rọ̀ náà sínú kàyé tí ẹ̀yìn rẹ̀ le. Kí o tó lọ síwájú, mí sínú kí o ka 4, mí síta kí o ka 6, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ṣe ohun tí o fẹ́ lọ kọ́ wọn: sọ fún ọ̀rẹ́ kan pé, “Ẹ̀rù ń bà mí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, dúró síbi tí mo ti lè rí ọ.” Ní 2007, Matthew Lieberman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kalifọ́níà yẹ ọpọlọ àwọn ènìyàn wò nígbà tí wọ́n ń wo ojú ẹni tó ń bínú tàbí tí ẹ̀rù ń bà. Nígbà tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ pe ohun tó wà lójú yẹn, bí “ìbínú” tàbí “ẹ̀rù,” apá ọpọlọ tó máa ń ta gìrì sí ewu máa ń rọlẹ̀ ju ìgbà tí wọ́n bá fi orúkọ ènìyàn lásán pè é lọ. Ẹ̀rù kò ní tán. Á dín kù tó láti jẹ́ kí ẹnu rẹ ṣí. Bí omijé bá wá lé ròrò sí ọ lójú láàárín ọ̀rọ̀, dá ẹnu dúró, mí síta, ka gbólóhùn tó kàn bó ṣe wà nínú ìwé. Má tọrọ àforíjì, torí àforíjì yẹn gan-an ló máa sọ fún wọn pé ohun tí o ń sọ kì í ṣe òótọ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí, ó ṣeé ṣe kí ọmọ kan yẹ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ kó wá bá ìwọ. Ó wọ́pọ̀ gan-an, torí pé ìwọ ni ó gbọ́ ohùn rẹ̀. Jókòó tì í, gbọ́ ọ, má fi òwe dá a lóhùn, má sọ pé “á dára.” Bí ó bá ní kí o ṣèlérí pé o kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni kó tó bẹ̀rẹ̀, má ṣèlérí. Ní, “Mi ò ní gbé e káàkiri. Àmọ́ bí ewu bá wà níbẹ̀, a jọ máa lọ bá àgbàlagbà ni.” Bí ohun tó sọ bá jẹ́ pé wọ́n ń lù ú nílé, tàbí ẹnì kan ń fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ, tàbí pé ayé ti sú u, kì í ṣe ẹrù ọmọ ọdún 16. Má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, bá a rìn lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ tí o dárúkọ, lọ́jọ́ yẹn kan náà. Bí ó bá jẹ́ pé olùkọ́ kan gan-an ni ẹjọ́ náà wà lórí rẹ̀, ẹ lọ sọ́dọ̀ òbí tàbí mọ̀lẹ́bí tí ọmọ náà fọkàn tán, tàbí kí ẹ pe 138, nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tí Bẹ̀nẹ̀ yà sọ́tọ̀ fún ìrànlọ́wọ́ ọmọdé. Pè é fúnra rẹ kí ọjọ́ Ajé tó dé, kí o gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń dáhùn àti ohun tí wọ́n máa ń béèrè, kí o lè sọ fún ọmọ náà ohun tó máa bá pàdé. Kọ nọ́ńbà náà àti orúkọ àwọn olùkọ́ méjèèjì sórí ìwé kan, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí ènìyàn ti lè kà á láìdúró, nítosí ibi tí ẹ ti ń pọnmi, kí ẹni tó ń tijú lè kà á bó ṣe ń kọjá lọ.